Dígí ilé mi dà bí páànù tí ẹrẹ̀ ta sí, ẹ gbà mí

Ọ̀dọ́ Ayàwòrán:
Ẹ̀yin àgbà inú ẹgbẹ́ yìí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé ọ́fíìsì alájà mẹ́rìnlá ni wọ́n ní kí n bá wọn fi kọ̀ǹpútà yà, dígí ló bo ojú rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Oníbàárà ti dá àwòrán náà padà, ó ní dígí mi dà bí páànù tí ẹrẹ̀ ta sí. Ọkùnrin yìí kò tíì san ju ìdajì owó lọ o, àmọ́ àárọ̀ àti alẹ́ ló ń pè mí. Iná kò sí ládùúgbò wa, jẹnẹrétọ̀ ni mo fi ń rẹ́ńdà, ẹ sì mọ iye tí epo jẹ́. Mo tún fi owó ra HDRI, àwòrán sánmà tó dáa, ojú ọ̀run rẹ̀ mọ́ kedere, ìkùukùu rẹ̀ funfun. Síbẹ̀ dígí mi kò gbé ìkùukùu kankan yọ, àwọ̀ eérú lásán ni, ìsàlẹ̀ sì dà bí ẹrẹ̀. Mo ti yí sánmà náà síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ojú dígí náà ń dán, Roughness rẹ̀ wà ní 0. Ẹni tí a jọ kọ́ṣẹ́ ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí n padà sídìí bọ́ńgálò. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì:
Pẹ̀lẹ́ o, àbúrò. Ó ṣe èmi náà rí, nígbà tí mo ń ya ilé ìtajà kan. Lumion ni mo ń lò, mo wá lọ síbi Reflection, mo tọ́ka sí ojú ògiri náà gan-an, kíá ni gbogbo rẹ̀ yọ. Lọ ṣe bẹ́ẹ̀. Oníbàárà tèmi kò sì san owó mi tán títí dòní, ká má tilẹ̀ sọ ìyẹn.

Kọ́lékọ́lé:
O sọ ti epo, o sọ ti ọ̀rẹ́ rẹ, o ò sọ èyí tí a nílò. Ẹ̀rọ wo lo fi ń ṣe é? Níbo ni kámẹ́rà dúró sí? Kí ló wà níwájú ilé náà?

Ọ̀dọ́ Ayàwòrán:
Blender ni, ẹ̀gbọ́n. Cycles ni mo fi ń rẹ́ńdà, kì í ṣe EEVEE. Mo fi Transmission sí 1 lórí Principled BSDF kí ìmọ́lẹ̀ lè gba inú dígí kọjá. HDRI náà kò ní àléébù o, ẹ má dá a lẹ́bi.

Wálé Rẹ́ńdà:
Mo ti rí i. Dígí funfun lásán kì í dá ju nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ padà lójú kan, bí èèyàn bá kọjú sí i gbọọrọ. Èyí tó kù wọ inú ilé lọ. Gbé Metallic sí 1, wàá rí sánmà rẹ.

Kọ́lékọ́lé:
Ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ tọ̀nà, Wálé. Lóòótọ́ ni dígí funfun kì í dá púpọ̀ padà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kun ojú dígí ilé ọ́fíìsì kí ó lè dá oòrùn padà. Ṣùgbọ́n Metallic 1 á sọ gbogbo rẹ̀ di irin, kò ní sí inú ilé mọ́. Kí ó fi Mix Shader pa Glass àti Glossy pọ̀, kí Glossy jẹ́ bí 0.25. Síbẹ̀, ìyẹn kọ́ ló fa eérú. Ohun tí kò bá sí níwájú dígí, bóo ni dígí ṣe fẹ́ fi í hàn?

Akẹ́kọ̀ọ́ Yábà:
Inú ilé náà ńkọ́? Ṣé o kọ́ àjà àti ògiri sí i?

Ọ̀dọ́ Ayàwòrán:
Rárá. Ta ló fẹ́ wọnú ibẹ̀? Ìta ni wọ́n ní kí n yà.

Baba Síbíìlì:
Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí! Ẹ ò jẹ́ lọ dúró níwájú ilé dígí ní Marina kí ẹ wò ó dáadáa, ìdí kọ̀ǹpútà lẹ ti fẹ́ mọ gbogbo nǹkan. Bí inú ilé bá ṣófo, ìmọ́lẹ̀ òdìkejì á gba inú rẹ̀ kọjá, á bá èyí tí dígí ń dá padà jà. Kọ́ àjà sí i, ta kọ́tìnnì sí àwọn fèrèsé kan, kí inú ṣókùnkùn díẹ̀. Inú tó ṣókùnkùn ni àwòjìji ti ń hàn.

Kọ́lékọ́lé:
Òótọ́ ni Baba sọ. Àmọ́ mo ṣì ń dúró de kámẹ́rà.

Ọ̀dọ́ Ayàwòrán:
Oníbàárà fẹ́ kí ó dà bí ìgbà tí drónù yà á. Ilé náà ga ní mítà 50, kámẹ́rà wà ní mítà 60 sókè, ó sì jìn sí ojú dígí ní mítà 80. Mo ṣe ilẹ̀ síwájú ilé, mítà 30. Fọ́tò kò rí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ni mo fẹ́ fi ìyókù ṣe?

Kọ́lékọ́lé:
Ó tán! Ibẹ̀ ló wà. Dígí tó dúró gbọọrọ kì í yí òkè padà sí ìsàlẹ̀. Bí ojú rẹ bá ń wò ó láti òkè wá sílẹ̀, ohun tí wàá rí nínú rẹ̀ náà ń lọ sílẹ̀ ni. Gbogbo dígí tó wà nísàlẹ̀ kámẹ́rà, ilẹ̀ ló ń wò, kì í ṣe sánmà. Ilé rẹ sì wà lábẹ́ kámẹ́rà pátápátá.

Mú dígí tó wà ní mítà 20. Láti ojú kámẹ́rà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, a sọ̀ kalẹ̀ ní mítà 40 láàárín mítà 80. Bí a bá kan dígí tí a sì ta padà, a óò máa sọ̀ kalẹ̀ bẹ́ẹ̀, a óò sì kan ilẹ̀ ní mítà 40 síwájú ilé. Ilẹ̀ tìrẹ ti parí ní 30. Èyí tó wà ní mítà 40 sókè ńkọ́? Ó ń wo ilẹ̀ tó jìn tó mítà 160, ẹ̀yìn kámẹ́rà rẹ nìyẹn. Jẹ́ kí n méfò: àjà mẹ́rin ìsàlẹ̀ ní àwọ̀ ilẹ̀, òkè rẹ̀ wá jẹ́ eérú?

Ọ̀dọ́ Ayàwòrán:
Bẹ́ẹ̀ gan-an ni! Mo rò pé ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ yẹn jẹ́ àìtó Samples ni. Eérú wá ti ibo wá?

Kọ́lékọ́lé:
Ṣí HDRI tí o rà, wo ìdajì ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀dọ́ Ayàwòrán:
Eérú ni. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé sánmà nìkan ni, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ló ń ra irú rẹ̀.

Kọ́lékọ́lé:
Ó dáa fún ẹni tí kámẹ́rà rẹ̀ wà nílẹ̀. Ìwọ, na ilẹ̀ rẹ dé mítà 400 ó kéré tán. Kọ́ ilé bí àpótí sí òdìkejì, lẹ àwòrán òrùlé àti ògiri mọ́ wọn, tẹ́ ọ̀nà, gbin igi díẹ̀. Èyí tó bá máa hàn nínú fọ́tò tí o kò fẹ́, lọ sí Ray Visibility rẹ̀, yọ Camera àti Shadow, má yọ Glossy, kí dígí ṣì lè máa fi í hàn. Lẹ́yìn náà, yí dígí kọ̀ọ̀kan díẹ̀, má jẹ́ kí ó ju 0.2 dígíríì lọ, nítorí kò sí kọ́lékọ́lé tó lè to gbogbo wọn gún régé.

Wálé Rẹ́ńdà:
0.2 kéré jù, kò sẹ́ni tó máa rí i. Mo máa ń lo 1.

Kọ́lékọ́lé:
Ohun tó hàn nínú dígí máa ń yí ní ìlọ́po méjì. 1 á gé òrùlé kan sí wẹ́wẹ́, ilé á dà bí èyí tó fẹ́ wó.

Ọ̀dọ́ Ayàwòrán:
Ṣùgbọ́n ìkùukùu ni oníbàárà fẹ́ rí nínú dígí. Ó sọ ọ́ léraléra.

Ìyá Ìbejì:
Fi Photoshop lẹ ìkùukùu sí i jàre. Òun ló ń sanwó.

Baba Síbíìlì:
Ẹni tó bá mọ ilé á rí i pé irọ́ ni. Kí ó sọ kámẹ́rà kalẹ̀ sí ìwọ̀n ojú ènìyàn, ìkùukùu á yọ fúnra rẹ̀.

Ìyá Ìbejì:
Baba, oníbàárà kì í ṣe onímọ̀ ilé. Drónù ló ní òun fẹ́.

Ọ̀dọ́ Ayàwòrán:
Mo ti dán an wò ní kékeré. Òrùlé àti ọ̀nà ti yọ, mo rí igi nínú rẹ̀! Mo na ilẹ̀ dé 200 kí kọ̀ǹpútà mi má bàa kú. Ṣùgbọ́n àjà méjì òkè pátápátá ṣì jẹ́ eérú.

Kọ́lékọ́lé:
400 ni mo sọ. Ilẹ̀ pẹlẹbẹ lásán ni, kò ní pa kọ̀ǹpútà kankan.