Ahoro kọ́ ni ilé tó ṣófo: ọ̀rọ̀ tí a ó fi júwe fúláàtì fún ẹ̀rọ tó ń ṣe fídíò

Atúmọ̀: Mo ń kọ àpẹẹrẹ ọ̀rọ̀ tí àwọn alágbàtà ilé lè kọ fún ẹ̀rọ tó ń fi ọ̀rọ̀ ṣe fídíò. Èyí tí mo kọ rèé: "Fídíò ìwolé fúláàtì ahoro kan, kò sí àga, kò sí bẹ́ẹ̀dì, kámẹ́rà ń rà bàbà, ìmọ́lẹ̀ àdánidá pọ̀ níbẹ̀." Ẹ bá mi wò ó. Kí sì ni ká máa pe irú ọ̀rọ̀ tí a ń kọ fún ẹ̀rọ yìí gan-an?

Bàbá Olùkọ́: Ahoro ni kí o kọ́kọ́ yọ kúrò. Ilé tó dahoro ni ilé tí àwọn tó ń gbé e ti pa tì, tí ògiri ń wó, tí koríko ti hù nínú yàrá. Ta ló máa háyà ìyẹn? Fúláàtì tó ṣófo ni kí o kọ: ilé pé, ẹrù ni kò sí nínú rẹ̀. Ìwolé náà kò dùn mọ́ mi. Àwọn wolé-wolé, òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó ayé àtijọ́, ló máa ń sọ sí àgbàlagbà lọ́kàn, tí wọ́n ń wá ẹ̀gbin kiri. Wò ó bóyá àrìnwolé á dára. Ìrìn ló ń ṣe, ilé ló ń wò.

Ayafídíò: Ẹ ṣeun, Bàbá. Àrìnwolé wọlé sí mi lára. Ẹ jẹ́ kí n fi ọwọ́ kan "kò sí àga, kò sí bẹ́ẹ̀dì", nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ti máa bàjẹ́ jù. Àwòrán tó bá orúkọ tí a dá mu ni ẹ̀rọ máa ń wá. Bí a bá ti dárúkọ àga, àga ti wọ inú ọ̀rọ̀, "kò sí" tó ṣáájú rẹ̀ kò sì lágbára tó láti lé e jáde. Ẹ ó rí i tí àga kan á jókòó sí kọ̀rọ̀. Ohun tó wà ní yàrá náà ni kí ẹ sọ: ilẹ̀ pákó tó hàn láti ògiri dé ògiri, ògiri funfun lásán. Bí ilẹ̀ bá ti hàn tán, ibi tí àga máa jókòó sí kò sí mọ́. Àwọn ẹ̀rọ kan ní àpótí tí wọ́n kọ `negative prompt` sí, ìyẹn ibi tí a ń kọ ohun tí a kò fẹ́ kó hàn. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọ àga àti bẹ́ẹ̀dì sí, láìfi "kò sí" síwájú wọn rárá, torí àpótí náà fúnra rẹ̀ ni "kò sí".

Bàbá Olùkọ́: Ọfọ̀ ni o ń sọ yìí o! Ohun tí a bá pè ló ń wá. Mo ti rí orúkọ tí a ó máa pè é: ọfọ̀ ẹ̀rọ.

Atúmọ̀: Bàbá, ẹ̀rù ọ̀rọ̀ yẹn ń bà mí. Bí alágbàtà ilé bá ka "kọ ọfọ̀ rẹ síbí", á rò pé ògùn ni. Àṣẹ ńkọ́?

Ayafídíò: Àṣẹ á tan èèyàn jẹ. Ẹni tó pàṣẹ ń retí pé kí wọ́n ṣe é bó ṣe wí, ẹ̀rọ yìí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ilé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ ó rí. Àpèjúwe ni èmi ń pè é.

Alágbàtà: Ẹ jọ̀ọ́, fúláàtì tí mo fẹ́ polówó ṣì kún fún ẹrù ẹni tó ń kó jáde. Ṣé bí mo bá kọ "tó ṣófo", ẹ̀rọ á bá mi kó ẹrù náà kúrò?

Ayafídíò: Ìyẹn yàtọ̀ sí ohun tí Atúmọ̀ béèrè, Ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ó ṣe pàtàkì. Bí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ nìkan ṣe é, ilé yín kọ́ ló máa jáde, ilé àfọkànrò ni. Tí ẹ bá sì fún un ní fọ́tò, tí ó pa àga rẹ́, ó ní láti hùmọ̀ ilẹ̀ tó wà lábẹ́ àga. Táìlì tó fọ́ níbẹ̀ á di odindi. Ẹni tó bá háyà ilé nítorí fídíò yẹn á ní ẹ tan òun jẹ, kò sì ní jẹ̀bi. Ẹ dúró kí ilé ṣófo, kí ẹ ya fọ́tò yàrá kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi fọ́tò náà ṣe ìbẹ̀rẹ̀ fídíò, kí ẹ wá fi ọ̀rọ̀ júwe ìrìn kámẹ́rà nìkan.

Atúmọ̀: Ẹ tètè sọ ti ìrìn kámẹ́rà yẹn. Mo kọ "rà bàbà" torí pé àṣá kì í mì bó bá ń rà bàbà.

Ayafídíò: O gbà á dé ìdajì. Àìmì yẹn tọ́, àmọ́ òkè ni àṣá ti ń rà bàbà, ojú kan ló sì ń yí ká. Ẹni tó bá tú u sí èdè mìíràn á gbé kámẹ́rà lọ sí àjà. Gíga àyà èèyàn la fẹ́, kó máa lọ síwájú. "Yọ̀" náà kò dára, ìṣubú ló ń bá a rìn. "Rọra sún" ni mo fara mọ́. Sọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó máa dúró: láti ẹnu ọ̀nà dé àárín yàrá. Irú fídíò bẹ́ẹ̀ kì í sábà ju ìṣẹ́jú àáyá 5 sí 10 lọ. Bó o bá ní kó la yàrá mẹ́ta kọjá nínú ìṣẹ́jú àáyá 8, á sáré, férémù ilẹ̀kùn á tẹ̀ bí rọ́bà, yàrá kejì á sì yàtọ̀ nígbàkúùgbà. Mítà mẹ́ta nínú ìṣẹ́jú àáyá 8 tó gẹ́ẹ́. Yàrá kan, ìrìn kan. Kí o mú àwòrán tó kẹ́yìn fídíò àkọ́kọ́ ṣe ìbẹ̀rẹ̀ èyí tó tẹ̀ lé e.

Bàbá Olùkọ́: Ìmọ́lẹ̀ àdánidá ńkọ́? Ọ̀rọ̀ inú ìwé ni, kò sí ẹni tó ń sọ ọ́ nílé.

Ayafídíò: Kò sì sọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá. "Ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́" sàn jù, kí a sì dárúkọ àkókò. Ní ọ̀sán gangan, oòrùn wà lórí òrùlé, kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ yàrá. Ní ìyálẹ̀ta, ó ń gba fèrèsé wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́, ilẹ̀ á máa dán. Má kàn kọ "mọ́lẹ̀ yòò" nìkan o, fèrèsé á funfun báláú, ohun tó wà níta kò ní hàn. Bí mo ṣe tún tìrẹ kọ rèé:

"Fídíò àrìnwolé. Yàrá ńlá kan nínú fúláàtì tó ṣófo. Ilẹ̀ pákó tó hàn láti ògiri dé ògiri, ògiri funfun lásán, fèrèsé gíga méjì lápá òsì. Kámẹ́rà wà ní gíga àyà, ó ń rọra sún tààrà láti ẹnu ọ̀nà dé àárín yàrá, wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìmọ́lẹ̀ ìyálẹ̀ta ń gba fèrèsé wọlé, ó tàn kárí yàrá, òjìji rẹ̀ fẹ́lẹ́, igi tó wà níta hàn kedere."

Bó bá jáde, ka fèrèsé ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí. Bí méjì bá di mẹ́ta, tàbí tí ìlà pákó ilẹ̀ bá ń wọ́ kúrò ní ojú kan, tún un ṣe.

Atúmọ̀: Ẹ̀rọ á gbọ́ Yorùbá báyìí?

Ayafídíò: Àwọn kan á gbìyànjú, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n fi kọ́ wọn. "Ìyálẹ̀ta" lè máà yé wọn. Fi Yorùbá ronú rẹ̀ dáadáa, kí o tú u lẹ́yìn náà.

Bàbá Olùkọ́: Mo gbà gbogbo rẹ̀ àyàfi wọ́ọ́rọ́wọ́. Ètò tàbí ìpàdé ló ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Nǹkan tó ń rìn, mi ò mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Àpèjúwe náà kò tíì tó fún mi, torí pé gbogbo ohun tí a bá júwe fún ẹnikẹ́ni ló ń jẹ́ àpèjúwe. Ọfọ̀ ni mo ṣì dúró lé.

Atúmọ̀: Màá fi "ọ̀rọ̀ àpèjúwe fún ẹ̀rọ" sí i ná, Bàbá, ó gùn ṣùgbọ́n kò ní dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ti wọ́ọ́rọ́wọ́ yẹn, ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó sàn jù kó mú un wá.